Iṣẹ́ ìwé ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́rú: bí a ṣe ṣàlàyé owó ìkánjú àti ọjọ́ tí ẹrù lè kúrò ní Ṣómólú

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù lọ́jọ́ Ajé náà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Ìyá kan tí a ti bá tẹ ìwé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ rí ló kọ ọ́ láti Ìbàdàn. Màmá rẹ̀ ti papòdà, àìsùn yóò wáyé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìsìn ìsìnkú yóò sì wáyé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fẹ́ ìwé ètò ìsìn 500, olójú-ewé 32, aláwọ̀ mèremère, pẹ̀lú èèpo ẹ̀yìn tó ń dán, ó sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Ó fi kún un pé òun mọ̀ pé àkókò ti lọ, pé kí a sọ iye tí a bá máa fi lé e.

Ọmọbìnrin tó ń bá wa dáhùn àwọn oníbàárà ti tẹ èsì kan tán kí n tó dé ibi tábìlì rẹ̀. Ohun tó kọ ni pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Ó máa ṣeé ṣe, owó kàn máa lé díẹ̀ ni." Mo ní kó má tíì fi ránṣẹ́. Inú rere ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kúkurú yẹn ti ta ọjọ́ kan fún oníbàárà kí ẹnikẹ́ni tó ṣírò bóyá a ní ọjọ́ náà lọ́wọ́. Ohun tó tún burú jù níbẹ̀ ni pé ó so owó àti ọjọ́ pọ̀, bí ẹni pé tí owó bá ti lé, ọjọ́ náà ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá san owó ìkánjú lórí irú èsì bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé àárọ̀ Ọjọ́rú ni òun rà, bí Ọjọ́rú bá sì kọjá, kò sí àlàyé tí a ó ṣe tí kò ní jọ ẹ̀tàn létí ẹni tí òkú wà nílẹ̀ fún.

Nítorí náà a jókòó, a ṣírò iṣẹ́ náà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ̀rọ Kọ́ọ̀dù 64 ni tiwa, aláwọ̀ kan sì ni, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọ̀ kan ṣoṣo ló lè tẹ̀ sórí bébà lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìwé kékeré bí èyí, ojú ewé 16 ló máa ń wà lórí bébà ńlá kan tí a bá tẹ ojú rẹ̀ méjèèjì, nítorí náà ojú ewé 32 jẹ́ bébà ńlá méjì. Ojú mẹ́rin ni bébà méjì ní, ojú kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá nígbà mẹ́rin: dúdú, búlúù, pupa àti yẹ́lò. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbà 16. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú 45 yẹn, títẹ bébà 500 fúnra rẹ̀ kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Fífọ yíǹkì àtijọ́ kúrò lára àwọn rólà, gbígbé pléètì tuntun kọ́, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí àwòrán ojú ewé wà lára rẹ̀, àti títò ó títí àwọ̀ yóò fi jókòó sórí àwọ̀ láìyẹ̀, àwọn ló ń jẹ ìyókù. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi èyí sọ́kàn, nítorí ó padà wúlò nígbà tí oníbàárà béèrè ìbéèrè kejì.

Tí a bá wá gba pléètì ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ojú kìíní bébà méjèèjì yóò parí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A kò lè yí bébà náà padà lójú ẹsẹ̀ láti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Áàtì pépà tó ń dán kì í mu yíǹkì bí bébà lásán ṣe ń mu ún. Orí rẹ̀ ni yíǹkì ń jókòó sí, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú un le. Wákàtí mẹ́jọ ni mo máa ń fún un nínú ilé tiwa, nígbà òjò mo máa ń fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn gbé wa dé ọ̀gànjọ́ òru. Títẹ ẹ̀yìn yóò gba wákàtí mẹ́fà mìíràn, ó di aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú. Gbígbẹ kejì di aago méjì ọ̀sán. Kíká, títò sínú ara wọn, fífi wáyà gún un láàárín àti gígé etí mẹ́ta yóò gba ìrọ̀lẹ́ títí di bí aago mẹ́wàá alẹ́. Àárọ̀ Ọjọ́rú kò sí nínú ìṣírò yìí rárá, ìbáà ṣe pé ó fi àpò owó ránṣẹ́ sí wa.

Owó lè ra òru fún wa. Ó lè ra dísẹ́ẹ̀lì, ó lè mú kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà níwájú yẹ̀ fún wa. Wákàtí mẹ́jọ tí yíǹkì fi ń gbẹ, tí a sì ka lẹ́ẹ̀mejì, owó kò lè dín in kù.

Bí ìṣírò bá parí sí aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́rú, ó yẹ kí ẹnìkan béèrè ìdí tí mo fi ṣèlérí aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ dípò rẹ̀. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé n kì í gbé ẹrù tí kò ṣeé tún ṣe fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn lóru. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ọkọ̀ tí mo fọkàn tán máa ń kún ní Bẹ́gà. Ìdí kejì ni pé wákàtí mẹ́jọ tó wà láàárín náà ni ààyè tí mo fi sílẹ̀ fún ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, nítorí nínú iṣẹ́ kánjúkánjú ohun kan kì í ṣàì ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fún oníbàárà ní wákàtí tí ìṣírò parí sí gan-an, ó ti fún un ní wákàtí tí kò lè pa mọ́.

A wá lọ sórí owó. Iye iṣẹ́ náà bí kò bá sí ìkánjú jẹ́ ₦1,200 lórí ìwé kan, àpapọ̀ ₦600,000. N kò fẹ́ràn kí a kàn fi ìdá kan lé owó iṣẹ́ kí a sì pè é ní owó ìkánjú, nítorí oníbàárà yóò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, òótọ́ ni yóò sì béèrè. Mo ka ohun tí ìkánjú yẹn yóò ná wa ní tòótọ́. Òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọmọ abẹ́ rẹ̀ tí yóò ṣiṣẹ́ òru, pẹ̀lú àwọn obìnrin tí yóò ká ìwé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, jẹ́ ₦42,000 lé lórí owó ojoojúmọ́ wọn. Dísẹ́ẹ̀lì lítà 25 fún òru náà jẹ́ ₦27,500. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ni a pinnu pé a kò ní fi Kọ́ọ̀dù tẹ̀. A ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ díáì tẹ̀wé ládùúgbò, èyí tí kò nílò pléètì tí ó sì ń jáde ní gbígbẹ, kí a lè fi ọ̀rá tó ń dán bò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan náà nígbà tí inú ìwé ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Ìyàtọ̀ owó ibẹ̀ jẹ́ ₦25,000. Èyí tó kù ni ₦15,000 tí a dín fún ìjọ kan tí kàlẹ́ńdà wọn ti wà lórí ìlà fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí wọ́n sì gbà kí a sún tiwọn síwájú sí Ọjọ́bọ̀. Àpapọ̀ owó ìkánjú jẹ́ ₦109,500, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún owó iṣẹ́.

Èyí ni èsì tí a fi ránṣẹ́ ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá, ẹ sì kú ìnáwó. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. A ti gbé iṣẹ́ yín yẹ̀ wò dáadáa. Ìgbà tó yá jù tí ìwé 500 náà lè kúrò lọ́wọ́ wa ni aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, láti Bẹ́gà, kí ẹ lè gbà á ní Ṣáléǹjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣáájú àìsùn. Kò lè jẹ́ Ọjọ́rú, Mà, owó kò sì lè sọ ọ́ di Ọjọ́rú, nítorí bébà tó ń dán gbọ́dọ̀ gbẹ lójú kìíní kí a tó tẹ ẹ̀yìn, kó sì tún gbẹ kí a tó ká a. Bí a bá fò ó, àwòrán Màmá yóò máa yọ lára ojú ewé tó kọjú sí i. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦600,000. Owó ìkánjú jẹ́ ₦109,500: ₦42,000 fún àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ òru, ₦27,500 fún dísẹ́ẹ̀lì, ₦25,000 láti tẹ èèpo ẹ̀yìn níbi tó ti yá, àti ₦15,000 tí a dín fún ẹni tó yẹ̀ fún yín lórí ìlà. Owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀, iye tí awakọ̀ bá gbà ni ẹ ó san. Àwọn nǹkan tí a nílò lọ́dọ̀ yín lálẹ́ yìí ni àwọn fọ́tò, kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ bíi fáìlì lórí Wọ́tsáàpù kí wọ́n má baà ṣú, àti orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó tò tẹ̀lé ara wọn. A ó fi àwòṣe gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, a wà lórí ètò. Bí ó bá kọjá aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la, ọjọ́ tí a sọ yìí kò sí mọ́, owó ìkánjú kò sì ní dín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ sí i lásìkò tí ìdádúró sì ti ọ̀dọ̀ wa wá, a ó dá gbogbo ₦109,500 náà padà fún yín. Kí ẹ tó san ohunkóhun, Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́rú tí ìwé náà fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀?"

Ó dáhùn láìpẹ́, kò sì kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Ó ní ẹlòmíràn ní Ṣómólú kan náà ti sọ fún àbúrò òun pé òun yóò ṣe é lọ́jọ́rú láìsí owó ìkánjú kankan, ó sì béèrè pé bí òun bá dín in kù sí 300, ṣé a kò lè bá Ọjọ́rú. Lórí ti ẹlòmíràn, n kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan, nítorí ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún ní ohun tí n kò ní. Mo kàn rọ̀ ọ́ pé kó béèrè bóyá gbogbo ìwé náà ni wọ́n fẹ́ fi díáì tẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Ọjọ́rú ṣeé ṣe lóòótọ́, àwa náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà, ìwé kan yóò súnmọ́ ₦2,100, àpapọ̀ yóò sì kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Lórí dídín in kù sí 300, mo ṣàlàyé fún un pé ìgbà 16 tí bébà yóò gba inú ẹ̀rọ kọjá kò ní yí padà, ìfọ̀ rólà kò ní yí padà, gbígbẹ náà kò ní yí padà. Ohun tí yóò jèrè nínú títẹ̀ kò tó wákàtí kan àbọ̀, ìwé 200 yóò sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá dáhùn ìbéèrè náà, èsì rẹ̀ sì yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Akọ̀wé ìjọ ló ní kí wọ́n mú ìwé ètò wá lọ́jọ́rú kí àlùfáà lè yẹ orin àti bíbélì kíkà wò kó tó di ọjọ́ ìsìn. Ìwé 500 kọ́ ni àlùfáà fẹ́ kà. Ojú ewé mẹ́fà tó jẹ́ ètò ìsìn ni, ẹ̀dà kan ṣoṣo sì ti tó. Mo sọ fún un pé àwòṣe tí a ó fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kó fi ṣọwọ́ sí akọ̀wé ìjọ, àti pé ó sàn kí àlùfáà rí i kí a tó tẹ̀ ẹ́ ju kí ó rí i lọ́jọ́rú nígbà tí àtúnṣe kò sí mọ́. Láàárín ìdajì wákàtí ó fi ìdajì owó iṣẹ́ àti gbogbo owó ìkánjú ránṣẹ́. Mo máa ń béèrè ìbéèrè yìí ní ìparí èsì ni. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà pé ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó wà.

Àwòṣe jáde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àlùfáà yí orin kan padà, ìyẹn sì yá. Ohun tó dá wa dúró ni orúkọ: àbúrò wọn ọkùnrin tó wà lókè òkun ní kí wọ́n fi Ẹnjiníà ṣíwájú orúkọ òun, wọ́n sì ní láti dúró kó jí kó tó fọwọ́ sí i. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ìfọwọ́sí wọlé, a ti pàdánù ogọ́rin ìṣẹ́jú nínú ààyè wa. Mo kọ ọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ pé, "Ó ti wọlé, Mà. A ti jẹ díẹ̀ nínú ààyè wa, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà Ọjọ́bọ̀ ṣì dúró." N kì í dúró kí oníbàárà béèrè kí n tó sọ irú rẹ̀, nítorí bí mo bá dákẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀, ohun yòówù tí mo bá sọ nípa ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn yóò jọ àwáwí.

Ohun tí mo fi ààyè sílẹ̀ fún ṣẹlẹ̀ lóru. Ní aago kan àbọ̀ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ẹ̀yìn, mo fi àtàǹpàkò ra igun dúdú tó wà lábẹ́ àwòrán Màmá lórí bébà tó wà lókè, kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá tẹ ọwọ́ bọ àárín òkìtì bébà náà, mo yọ ọ̀kan, ó sì fà tìkìtìkì bí ẹni ń ṣí ewé mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn bébà tó wà lórí rẹ̀, òjìji gèlè Màmá ti hàn lórí funfun. Ọmọ abẹ́ ẹ̀rọ ti kó gbogbo bébà náà jọ sí òkìtì kan ṣoṣo dípò mẹ́rin, ẹrù òkè sì ti tẹ yíǹkì ìsàlẹ̀ mọ́ bébà tó kọjú sí i kó tó gbẹ. Ẹni tó bá wo orí òkìtì nìkan yóò búra pé ó ti gbẹ. A tú u sí ọ̀wọ́ kéékèèké, a fẹ́ wọn sórí tábìlì, a sì tan fáànù sí wọn fún wákàtí kan àbọ̀. Bébà 31 ló bàjẹ́. A ti tẹ àlékún 50 lórí oríṣi bébà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìwé 500 kò yingin.

Títẹ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, ó parí kété lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kíká bẹ̀rẹ̀, a pe obìnrin kan kún àwọn mẹ́rin tó wà nílẹ̀, a sì di páálí ìkẹyìn ní aago kan òru. Ọkọ̀ gbé páálí mẹ́ta náà kúrò ní Bẹ́gà ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ya àwòrán àwọn páálí náà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá náà pẹ̀lú fóònù awakọ̀ àti ₦9,000 tí ó gbà.

Ó pè ní nǹkan bí aago mẹ́wàá pé òun ti gbà á, pé páálí kan ń run yíǹkì. Mo ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí wọ́n má sì tò wọ́n lé ara wọn ga títí di ìrọ̀lẹ́. Ó san ìyókù owó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nínú ìwé ìṣírò wa, obìnrin karùn-ún tí a pè àti bébà 31 náà wà lọ́rùn tiwa, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni òkìtì gíga yẹn ti wá, n kò sì fi wọ́n kún ohun tí ó san. Ìjọ tó ni kàlẹ́ńdà gba tiwọn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ bí a ti bá wọn ṣe é.